Odidi Àpò Ẹ̀wà: Èrè Ni Àbí Owó Tó Há?

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, mo tẹ́ ẹní ńlá sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì da ìyókù àpò ẹ̀wà olóyin tí mo rà ní Bódìjà lóṣù Kejìlá sórí rẹ̀. Kó tó dọjọ́ náà ni mo ti ń rí ìyẹ̀fun tó ń jò sílẹ̀ lábẹ́ àpò, tí kòkòrò kéékèèké sì ń rìn lójú fèrèsé yàrá ìdáná. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni èmi àtàwọn ọmọ fi ṣa ẹ̀wà. Kóńgò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ẹní. Nígbà tá a ṣà á tán, ogún péré ló ṣeé sè. Adìyẹ aládùúgbò ló jẹ mẹ́tàlá yòókù.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Láti oṣù Kejìlá ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé mo jèrè lórí ẹ̀wà ọdún náà. Orí ìdúró ni mo ti ṣírò èrè ọ̀hún lọ́jà, kí n tó yọwó. Iye ẹ̀wà tí mo rà ni mo ṣírò. Ó yẹ kí n ti ṣírò iye tá a máa rí jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ìṣirò náà kalẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí. Owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà mo ti sọ iye rẹ̀ di èyí tó rọrùn láti kà. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní odidi àpò jẹ́ 120,000 náírà. Ọkọ̀ àti alábàárù gba 3,000, ó di 123,000. Ní ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá ilé wa, kóńgò kan jẹ́ 2,100 náírà, n kò sì ní wọkọ̀ débẹ̀. Nígbà tí mo wọn àpò náà nílé, kóńgò márùndínláàádọ́rin ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ra kóńgò márùndínláàádọ́rin ní wíwọ̀n, máa ná 136,500. Ó túmọ̀ sí pé mo dín 13,500 kù. Èrè tí mo ń fọ́n fèrè rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kóńgò méjìléláàádọ́ta péré ló dé inú ìkòkò. Bí mo bá pín 123,000 náírà sí méjìléláàádọ́ta, kóńgò kọ̀ọ̀kan tá a jẹ ti ná wa ní nǹkan bí 2,365 náírà. Bí mo bá lọ ra kóńgò méjìléláàádọ́ta yẹn nísọ̀ ẹ̀bá ilé, 109,200 náírà ni n bá ná. Nítorí náà, mo pàdánù 13,800, ká tó wá sọ ti Sátidé tó bá ṣíṣà lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú ọjà kì í jẹ́ ká rí. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní wíwọ̀n ń gba èènì. Ìyá tó ń tà á á gbé kóńgò lórí gègèrè, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹni tó ra àpò kò rí èènì gbà. Kóńgò fúnra rẹ̀ náà kò dọ́gba: àwọn kan wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé, tí inú rẹ̀ wá kéré sí bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé àpò dín owó kù, ẹ gbé kóńgò ti ìsọ̀ tí ẹ ti máa ń rà lọ sórí òṣùnwọ̀n, ẹ wo iye kílò tó jẹ́ pẹ̀lú gègèrè àti èènì rẹ̀. Ẹ wọn àpò náà pẹ̀lú. Wọ́n lè kọ 100 kílò sára àpò, kó sì jẹ́ pé wọ́n ti tún un dì lọ́nà. Owó kílò kan sí owó kílò kan ni kí ẹ fi wéra. Bí ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò bá tó nǹkan, ẹ̀yin àti odidi àpò ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá ara yín sọ.

Ká ní ìyàtọ̀ wà. Ohun tó kàn ni ìdí tí kóńgò mẹ́tàlá fi bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé kòkòrò ilé ló wọ inú àpò mi. Irọ́ ni. Láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń bá a wá. Abo rẹ̀ á yé ẹyin lé ara pódì nígbà tí ẹ̀wà ń gbẹ lóko, tàbí lé ara ẹ̀wà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán. Ẹyin náà funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì lẹ̀ mọ́ èèpo. Ìdin tó bá pa nínú rẹ̀ á lu ihò bíńtín wọ inú ẹ̀wà, ibẹ̀ ni á ti máa jẹun, ibẹ̀ náà ni á ti dàgbà. Nínú ooru tiwa, nǹkan bí oṣù kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, lẹ́yìn èyí ló máa gé ihò róbótó kan jáde. Ihò tí à ń rí lára ẹ̀wà, ilẹ̀kùn ìjáde ni. Ìgbà tí ẹ bá fi rí i, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti jẹun tán, ó ti lọ wá ibi tí á yé ẹyin sí.

Abo kan lè yé ẹyin ọgọ́rin, kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ogún péré nínú wọn ló dàgbà, tí ìdajì ogún náà sì jẹ́ abo. Abo kan ṣoṣo tó bá àpò wálé lóṣù Kejìlá á di ogún kòkòrò lóṣù Kìíní, igba lóṣù Kejì, ẹgbẹ̀rún méjì lóṣù Kẹta, ọ̀kẹ́ kan lóṣù Kẹrin. Ẹ wo bó ṣe rí: oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ óò máa bù ú, ẹ óò máa sè é, á sì máa dùn. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni gbogbo rẹ̀ máa ń dédé tú síta. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sọ pé "ẹ̀wà náà dáa tẹ́lẹ̀, n kò mọ ohun tó dé sí i."

Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ìbàjẹ́ kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba lórí oṣù. Ìdílé tó lè jẹ àpò tán láàárín oṣù méjì, bí ilé oúnjẹ tàbí ẹni tó ń din àkàrà láràárọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní pàdánù nǹkan kan, kódà bí kò bá ṣe ìtọ́jú kankan. Àwa tá à ń jẹ kóńgò méjì lọ́sẹ̀, àpò kan á gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn lé ní oṣù méje. Orí ìdajì tó gbẹ̀yìn ni èrè wa wà, ìdajì tó gbẹ̀yìn náà sì ni kòkòrò ń jẹ. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí n óò bi ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ra àpò ni pé: oṣù mélòó ni yóò gbà yín kí ẹ tó jẹ ẹ́ tán?

Bí ìdáhùn yín bá ju oṣù méjì lọ, owó ìtọ́jú ti di apá kan owó ẹ̀wà nìyẹn, ẹ kà á mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò olómi wọ́n ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Májèlé ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Lọ́dún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí irú oògùn yìí tí wọ́n bá lára rẹ̀, lọ́dún 2019 sì ni àjọ NAFDAC gbẹ́sẹ̀ lé títa ìgò kékeré rẹ̀ káàkiri ọjà. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò kí ẹ tó rà á, ẹ bù ú, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ọ̀nà tó dáa tí kò ní májèlé nínú ni kéèyàn fi afẹ́fẹ́ du kòkòrò náà. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Yunifásítì Purdue nílẹ̀ Amẹ́ríkà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù jọ ṣiṣẹ́ lórí àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò híhun wà lóde. Wọ́n á da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á lọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í pinpin, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì àti ìkẹta. Àwọn kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán. Nígbà tí kò bá sí mọ́, wọn ò ní lè jẹun, wọn ò ní lè yé ẹyin, wọ́n á kú. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ìtọ́jú irè oko, èyí tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà n'Ílọrin, náà máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní irú ìtọ́jú tí kò ní oògùn nínú yìí.

Ṣùgbọ́n níbi tí àgbẹ̀ àti onísòwò ti ń rí àǹfààní àpò yìí ni ìdílé ti máa ń kọsẹ̀. Àgbẹ̀ á dì í lóṣù Kọkànlá, kò ní tú u títí di oṣù Kẹfà tó fẹ́ tà á. Ìyá ilé ń tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u, afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó ń kú lọ nínú wọn á tún sọjí. Nítorí náà, ohun tó bá ilé mu ni kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, irú èyí tí wọ́n fi ń ta epo, tí ẹ ti fọ̀ tí kò rùn mọ́, tó sì gbẹ dáadáa nínú, ń gba nǹkan bí 20 kílò ẹ̀wà. Ẹ rọ ọ́ kún dé ẹnu, ẹ mi ín jìgìjìgì kó wọ̀ sí i, ẹ tún rọ sí i. Ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí kí ẹ tó dé e pa. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún á gba gbogbo àpò, ẹ ó sì máa ṣí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, kò sí ewu fún un. Èyí tí ẹ ṣí, ọ̀sẹ̀ méje péré ni ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ní ihò, tàbí tí ìdérí rẹ̀ kò bá mú, iṣẹ́ lásán ni. Ẹ rọ omi sí i lákọ̀ọ́kọ́ kí ẹ dojú ẹ̀ dé, kí ẹ wò ó bóyá á kán.

Ẹni tó bá ní firísà tí iná rẹ̀ sì ṣeé gbọ́kàn lé lè fi ẹ̀wà sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, díẹ̀díẹ̀, kó tó rọ ọ́ sí kẹ́ẹ̀gì. Òtútù á pa ẹyin, á pa ìdin inú rẹ̀. Kí ó jẹ́ kó yọ nínú òtútù tán nínú ọ̀rá dídì kó tó tú u, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára.

Omi gan-an ni ohun kejì tó ń ba ẹ̀wà jẹ́, pàápàá ẹ̀wà tuntun tí wọ́n sáré kó wọ ọjà. Ẹ̀wà tí kò gbẹ, tí ẹ wá dé pa mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì, á bu. Ẹ̀kọ́ kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ mú ìgò tó gbẹ, tó mọ́, tó ń jẹ́ kí ojú rí inú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀wà sí i dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí ìjẹun kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀wà náà ṣì tutù, ẹ tún sá a sóòrùn. Bí iyọ̀ bá dà wálẹ̀ sábẹ́ ìgò láìlẹ̀, ó ti gbẹ tó.

Ìyá kan tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bódìjà báyìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ àpò wò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo ń fọwọ́ tú ẹ̀wà tó wà lẹ́nu àpò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ má wo ẹnu. Ẹnu ni gbogbo wa ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tú ìdí rẹ̀ fún yín."

Ó lù ihò sí ìdí àpò pẹ̀lú irin gígùn kan, ó sì yọ ẹ̀wà láti ìdí, láti àárín àti láti ẹ̀gbẹ́ sínú abọ́. Ó ní kí n ka ọgọ́rùn-ún hóró láìṣà. Mo jókòó lórí àpòtí, mo kà á. Mẹ́ta ní ihò, mẹ́sàn-án ní ẹyin funfun lára. Ó ní kí n ti ọwọ́ mi bọ inú àpò dé ìgúnpá. Ó gbóná ju bí afẹ́fẹ́ ọjà ṣe rí lọ.

"Ṣé ẹ gbọ́ ooru yẹn? Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀wà tó bá dáa máa ń tutù lọ́wọ́. Èyí, ẹni tó fẹ́ din àkàrà lọ́la ni mo máa tà á fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀."

Mo gbé ìmọ̀ yẹn lọ sílé. Àpò tí ó bá ní ẹyin mẹ́sàn-án lára ọgọ́rùn-ún, bó ti wù kó pọ́n tó, kò yẹ fún oṣù méje àyàfi tí ẹ bá máa dì í pa lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù dáadáa, ó lè bá ẹni tó máa jẹ ẹ́ kíákíá lára mu.

Ó ku ohun kan nípa ìtọ́jú tí kì í hàn sójú. Ẹ̀wà tó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń le, kòkòrò ì báà máà kàn án. Ẹ̀wà tó ń jinná ní wákàtí kan lóṣù Kìíní lè gba wákàtí méjì lóṣù Keje, gáàsì wákàtí kejì yẹn sì jẹ́ owó. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì jìnnà sí sítóòfù àti sí ara ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń lù. Ibi tó tutù jù nínú ilé ni kó wà, lórí pákó, kì í ṣe lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì.

Ó wá kan owó tó há. Èyí ni kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí i bàjẹ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bàjẹ́. Owó 123,000 tí mo san lóṣù Kejìlá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ̀wà tí mo fi rà sì wà nílẹ̀ tí à ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí à ń jẹ ẹ́ ni owó ń yọ díẹ̀díẹ̀, nítorí 4,200 tí n bá fi ra kóńgò méjì lọ́sẹ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ mi láti ṣe nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá pín in káàkiri gbogbo oṣù náà, ó dà bíi pé ìdajì owó yẹn ló há títí tí àpò fi tán. Nítorí náà, ẹ mú ìdajì owó tí ẹ san, ẹ wo iye tí owó yẹn ì bá mú wá tàbí iye tó ń ná yín lóṣooṣù, ẹ fi ìsọdá oṣù pọ̀ ọ́n.

Bí mo bá yá owó náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìdajì 123,000 jẹ́ 61,500, èlé rẹ̀ jẹ́ 615 lóṣù. Fún oṣù méje àtààbọ̀, ó lé díẹ̀ ní 4,600. Nínú 13,500 tí mo fẹ́ jèrè, ó ṣì ku nǹkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń gba náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé á lé ní 23,000. Kódà bí hóró kan ò bàjẹ́, mo ti jẹ gbèsè láti ra ẹ̀wà tó wọ́n ju ti ìsọ̀ lọ.

Ẹni tó ń fi owó ṣòwò ni èyí kàn jù. Ìyá alátà kan wà ní àdúgbò wa tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ pín àpò. Ó yọ 61,500 náírà nínú owó òwò rẹ̀. Nínú òwò ata, owó tó tó bẹ́ẹ̀ ń mú èrè 3,000 náírà wá fún un lọ́sẹ̀ kan, ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdajì àpò jẹ́ kóńgò méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ìdajì èrè 3,000, ìyẹn 1,500, ni ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó jẹ́ 24,000. Ohun tó rí dín kù lórí ẹ̀wà kò tó 7,000. Ẹ̀wà rẹ̀ kò ní ihò kankan, ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ó kígbe lóṣù Kejì pé àgbọ̀n ata òun ò kún mọ́. Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kóńgò méjì nísọ̀ lọ́sẹ̀ ló dára jù, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó wọ́n.

Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kàn ń sùn nínú kóló, tí kò sí òwò kan tó ń retí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Owó tó ń sùn kì í ná an ní èlé. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru òní, ṣé owó ilé ìwòsàn wà níbòmíràn? Ẹ kò lè kó ẹ̀wà lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á ní kánjúkánjú, èyí tó rà á lọ́wọ́ yín ní ìdajì owó náà ló máa jèrè.

Àwọn kan á sọ pé mo ti gbàgbé èrè tó tóbi jù, ìyẹn pé ẹ̀wà ń gbówó lérí. Òótọ́ ni. Ìkórè láti òkè Ọya máa ń wọ ọjà láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, a máa wọ́n. Bí kóńgò tó jẹ́ 2,100 lóṣù Kejìlá bá ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di 2,800 lóṣù Keje, á jẹ́ pé nǹkan bí 2,450 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Kóńgò márùndínláàádọ́rin á wá jẹ́ 159,250 ní wíwọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti 123,000 ju 36,000 lọ. Ẹ rí i pé èrè àpò gan-an kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè àsìkò. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ra ọ̀pọ̀, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ra á ní àkókò tó pọ̀. Àwọn tó bá ra odidi àpò lóṣù Keje, nígbà tó wọ́n jù, máa ń da méjèèjì pọ̀.

Àmọ́ àsìkò kì í ṣe ìlérí. Lọ́dún 2024, owó ẹ̀wà fò sókè débi pé kílò kan kọjá 2,500 náírà ní ọ̀pọ̀ ọjà Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ìbẹ̀rù rà á pa mọ́ nígbà yẹn. Lọ́dún 2025, owó náà wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tó ní ẹ̀wà nínú kẹ́ẹ̀gì ń jẹ ẹ̀wà olówó gọbọi, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń wọn ti pọ́ọ́kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń ṣírò lẹ́ẹ̀mejì: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí owó kò bá kúrò níbi tó wà, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ó bá wálẹ̀ ní ìdá mẹ́rin? Bí n kò bá lè gba ti ìkejì mọ́ra, n kì í ra odidi àpò.

Ohun tí à ń ṣe nílé wa báyìí ni pé ìdílé mẹ́ta ló jọ ń ra àpò kan. Kóńgò mọ́kànlélógún àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó tí ìdílé kan ń mú wá jẹ́ 41,000, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni a fi ń jẹ tiwa tán. Ẹ̀dínwó náà kéré sí ti odidi àpò, 4,500 ni fún ìdílé kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dé oṣù kẹrin níbi tí kòkòrò ti ń pọ̀, kò sì sẹ́ni tí owó rẹ̀ há pẹ́. Ọjọ́ tá a bá pín in ni a ń ka ọgọ́rùn-ún hóró, tá a sì ń fi iyọ̀ dán an wò. Lẹ́yìn oṣù kan, mo tún ka ọgọ́rùn-ún nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo ṣí. Ihò méjì ló wà nínú rẹ̀, méjì yẹn náà ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a rà á.

Lóṣù Kọkànlá tó kọjá, a tún kó ara wa lọ sí Bódìjà. Mo ti gbé kóńgò ìsọ̀ ẹ̀bá ilé wa sórí òṣùnwọ̀n lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjà náà, pẹ̀lú gègèrè àti èènì. Nígbà tá a ṣírò kílò sí kílò tá a sì ka ọkọ̀ mọ́ ọn, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó náírà ọgọ́rin lórí kóńgò kan. Ìyá náà wò wá lójú, ó mọ̀ pé a kò ní ra àpò lọ́jọ́ náà. Kóńgò mẹ́rin mẹ́rin ni a rà, ó sì bu èènì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.